Bí ẹ ṣe lè ṣírò omi tó fara sin sínú tíṣáàtì kan àti kílò ẹran màlúù kan

Ẹ mú tíṣáàtì kan tí wọ́n fi òwú ṣe, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ìyẹ̀fun nílé ìdáná. Mo gbé ọ̀kan nínú tèmi sí i, ó wọn 250 gíráàmù. Ó gbẹ táútáú. Bí ẹ fún un títí di ọ̀la, ẹ̀kán omi kan ò ní jáde níbẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pín in dọ́gba káàkiri ayé, omi tí wọ́n ń kà sí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn tó 2,500 lítà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Omi tó ti ṣiṣẹ́ lórí nǹkan kó tó dé ọwọ́ wa, tí a ò sì rí i mọ́ lára nǹkan náà, ni a ó máa pè ní omi àfarasin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tony Allan tó ṣiṣẹ́ nílùú Lọ́ńdọ̀nù ló gbé èrò náà jáde ní nǹkan bí ọdún 1993. Ó wo àwọn orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn tí omi ò tó, ó sì rí i pé wọ́n ń ra ọkà wọlé láti òkèèrè. Tọ́ọ̀nù àlìkámà kan ń gba nǹkan bíi 1,000 tọ́ọ̀nù omi lóko, nítorí náà ẹni tó ra ọkà bọ́ lọ́wọ́ wíwá omi tí ì bá fi gbìn ín. Ní ọdún 2002, Arjen Hoekstra, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, sọ èrò yẹn di ìṣirò tó pè ní ipasẹ̀ omi. Ìṣirò yẹn la fẹ́ ṣe níbí.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ni pé àwọn ènìyàn ti ń fi 2,500 yẹn dẹ́rù ba ara wọn, láìmọ̀ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe kó nọ́ńbà kan jọ ò lè mọ ìgbà tó yẹ kó gbà á gbọ́. A ó bẹ̀rẹ̀ láti oko òwú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú omi tí à ń kà

Kì í ṣe gbogbo omi tí ọwọ́ bá kàn là ń kà. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fa omi odò, tó fi tu ẹ̀rọ rẹ̀ lára, tó sì dá a padà sínú odò kan náà ní mímọ́, a kì í kà á. Omi dànù, agbè ò fọ́, ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò á tún un pọn. Omi tí à ń kà ni èyí tó kúrò níbẹ̀ pátápátá: èyí tí ewé mí sínú afẹ́fẹ́, èyí tí oòrùn fà láti inú ilẹ̀, èyí tó bá irè oko lọ. Lóòótọ́, ó máa padà rọ̀ ní òjò níbòmíràn. Àmọ́ àgbẹ̀ tó nílò rẹ̀ ní àkókò yìí ò ní rí i lò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pín in sí àwọ̀ mẹ́ta

Omi aláwọ̀ ewé ni òjò tó rọ̀ sórí oko, tí ilẹ̀ gbà mọ́ra, tí gbòǹgbò sì mu. Omi aláwọ̀ búlúù ni èyí tí wọ́n fà láti odò, adágún tàbí abẹ́ ilẹ̀ láti fi bomi rin oko. Omi aláwọ̀ eérú ti ẹ̀kẹta kì í ṣe omi tí ẹnikẹ́ni lò rárá. Ó jẹ́ iye omi tí ẹ̀gbin tó ṣàn kúrò lóko máa nílò kó tó lè là débi tí kò fi ní pa odò lára.

Ẹ má ṣe fo ibí yìí. Lítà búlúù kan jẹ́ omi tí ìlú kan ì bá mu tàbí tí ẹja ì bá gbé inú rẹ̀. Lítà aláwọ̀ ewé kan ti wà nínú ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Bí òwú ò bá mu ún, koríko ló máa mu ún.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò ti oko

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa há sórí níbí: mìlímítà òjò kan tó bá rọ̀ sórí mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ lítà omi kan. Hẹ́kítà kan ní 10,000 irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí náà mìlímítà kan lórí hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 lítà.

Ká wá ní oko òwú kan wà. Láti ìgbà tí wọ́n gbìn ín títí di ìgbà tí wọ́n kórè, òwú náà mu òjò tó jẹ́ 400 mìlímítà, wọ́n sì bomi rin ín débi tó fi mu 240 mìlímítà sí i. Wọ́n fi ajílẹ̀ tó ní 100 kílò náítírójìn sí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Òwú tí wọ́n ká, tòun ti kóró inú rẹ̀, jẹ́ 2,000 kílò lórí hẹ́kítà kan.

Ti òjò: 400 lọ́nà 10,000 jẹ́ 4,000,000 lítà. Ẹ pín in fún 2,000 kílò, ó di 2,000 lítà lórí kílò kan. Ti ìbomirin: 240 lọ́nà 10,000 jẹ́ 2,400,000. Ẹ pín in bákan náà, ó di 1,200 lítà.

Ti eérú gba sùúrù díẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó wọn omi tó ń ṣàn kúrò lóko, ohun tí wọ́n sábà máa ń lò ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá náítírójìn tí wọ́n fi sílẹ̀ ló máa ń bá omi lọ. Ìyẹn fún wa ní 10 kílò. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń gbà láyè nínú omi ni mìlígíráàmù 10 náítírójìn nínú lítà kan. Kílò 10 jẹ́ mìlígíráàmù 10,000,000. Tí a bá pín in fún 10, a nílò 1,000,000 lítà láti là á. Ẹ pín ìyẹn náà fún 2,000 kílò, ó di 500 lítà.

Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí kílò òwú kan pẹ̀lú kóró rẹ̀: 3,700 lítà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé irè oko ló wà nísàlẹ̀ gbogbo ìpín wọ̀nyí. Bí oko kan náà bá mú 1,000 kílò wá dípò 2,000, nítorí kòkòrò tàbí nítorí ilẹ̀ tó ti ṣá, gbogbo nọ́ńbà yìí á di ìlọ́po méjì, bí àgbẹ̀ náà ò tiẹ̀ fi ẹ̀kán omi kan kún un. Ìdí kan nìyẹn tí ìyàtọ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Nínú ìṣirò tí àjọ Water Footprint Network gbé jáde, kílò aṣọ òwú kan láti Ṣáínà gba nǹkan bíi 6,000 lítà, ti Íńdíà gba 22,500, ti gbogbo ayé sì dọ́gba sí 10,000.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún oko gidi lè rí iye omi tí irúgbìn ń mu pẹ̀lú CROPWAT, ètò orí kọ̀ǹpútà tí FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó máa bi yín ni ojú ọjọ́ ibẹ̀, irú ilẹ̀ náà àti ọjọ́ tí wọ́n gbìn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yọ ti kóró kúrò

A kì í fi kóró hun aṣọ. Nínú 100 kílò òwú tí wọ́n ká, nǹkan bíi 35 péré ló ń di òwú mímọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti yọ kóró rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ni kóró, kóró náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: wọ́n ń fún òróró lára rẹ̀, wọ́n sì ń fi èérún rẹ̀ bọ́ ẹran. Nítorí náà, ó yẹ kí kóró gbé ìpín tirẹ̀ nínú omi náà. Iye owó ni wọ́n fi ń pín in, wọn kì í fi ìwúwo pín in, torí pé òwú ló gbé àgbẹ̀ dé oko, kì í ṣe kóró. Nínú 100 tí wọ́n bá pa lórí rẹ̀, wọ́n sábà máa ń ka 82 sí ti òwú.

Nítorí náà, 3,700 lọ́nà 0.82 jẹ́ 3,034. Ẹ pín in fún 0.35, ó di nǹkan bíi 8,670 lítà lórí kílò òwú mímọ́ kan.

Ibí yìí ni mo ti ṣubú nígbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò. Mo kàn pín 3,700 fún 0.35, mo rí 10,571, mo sì ń fi yangàn. Lẹ́yìn náà ni mo tún lọ ṣírò omi inú òróró kóró òwú, tí mo fi kún un. Mo ti ka omi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àmì tí ẹ fi lè dá a mọ̀ rọrùn: bí ẹ bá to gbogbo ohun tó ti inú oko kan jáde pọ̀, tí omi wọn wá ju omi tí oko náà mu lọ, àṣìṣe ti wọ ibì kan.

Ìgbésẹ̀ 5: Láti òwú dé ẹ̀wù

Nígbà tí wọ́n bá ń ran òwú, tí wọ́n ń hun ún, tí wọ́n sì ń gé e, díẹ̀ ń ṣòfò. Ká ní tíṣáàtì mi tó wọn 250 gíráàmù gba 280 gíráàmù òwú mímọ́. 8,670 lọ́nà 0.28 jẹ́ nǹkan bíi 2,430 lítà.

Ó ku ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bó aṣọ, tí wọ́n ń pa á láró, tí wọ́n sì ń tẹ àwòrán sí i. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìṣirò àkọ́kọ́ lórí òwú, nǹkan bíi 360 lítà ni wọ́n kà fún kílò aṣọ kan. Fún 250 gíráàmù, ìyẹn jẹ́ 90 lítà. Àpapọ̀ rẹ̀ wá sún mọ́ 2,520. Ó yà mí lẹ́nu pé ilé iṣẹ́, tó jẹ́ òun ni ojú gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń lọ sí, kó ìdá kékeré bẹ́ẹ̀ nínú nọ́ńbà náà. Àmọ́ kí ẹ má tìtorí ẹ̀ fojú kéré rẹ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú 90 lítà yẹn ló ń jáde pẹ̀lú aró àti kẹ́míkà. Bí wọ́n bá tú u sódò láì sẹ́ ẹ, omi aláwọ̀ eérú tó máa gbà láti là á lè ju 90 lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ ká pín 2,430 ti oko padà sí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 1,310 aláwọ̀ ewé, 790 búlúù, 330 eérú. Ẹ mú 790 búlúù yẹn dání. A máa nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣe bákan náà fún oúnjẹ

Fún irúgbìn, ìgbésẹ̀ kẹta ti tó. Ẹran ló gba àfikún, torí pé màlúù kì í mu omi rẹ̀ ní odò nìkan. Ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ tí Hoekstra àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò nìyí. Màlúù kan gbé ọdún 3 kí wọ́n tó pa á, wọ́n sì rí 200 kílò ẹran tí kò léegun lára rẹ̀. Láàárín ọdún 3 yẹn, ó jẹ 1,300 kílò ọkà àti 7,200 kílò koríko àti oúnjẹ ẹran mìíràn. Ó mu 24,000 lítà omi, wọ́n sì fi 7,000 lítà mìíràn fọ ilé àti ara rẹ̀. Ẹ pín ìyẹn fún 200: kílò ẹran kan jẹ ọkà tó wọn kílò 6 àti ààbọ̀, ó jẹ koríko tó wọn kílò 36, omi tí ojú sì rí lára rẹ̀ jẹ́ 155 lítà péré. Ohun tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀ dé nǹkan bíi 15,400 lítà.

Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà. Ẹ wò ó ní àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nísinsìnyí. Nínú 15,415 tí Hoekstra àti Mekonnen, olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, rí bí ìpíndọ́gba gbogbo ayé, 14,414 jẹ́ aláwọ̀ ewé, 550 jẹ́ búlúù, 451 jẹ́ eérú. Ẹ wá padà sórí tíṣáàtì wa: 790 búlúù. Tíṣáàtì kan ṣoṣo gba omi odò àti ti abẹ́ ilẹ̀ ju kílò ẹran màlúù kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà ńlá ti ẹran fi ìlọ́po mẹ́fà ju ti tíṣáàtì lọ.

Èyí ò sọ ẹran di mímọ́. Omi aláwọ̀ ewé wá pẹ̀lú ilẹ̀. Ilẹ̀ tó dára tó sì ń gbòjò, tí a fi gbin oúnjẹ màlúù, kì í gbin oúnjẹ ènìyàn mọ́. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí gíráàmù èròjà amúaradàgbà kan, ẹran màlúù gba 112 lítà, ẹyin gba 29, ẹ̀wà àti àwọn irúgbìn tó bá a tan gba 19. Àmọ́ màlúù tó ń jẹ koríko lórí òkè tí ohunkóhun mìíràn ò lè hù sí, àti èyí tó ń jẹ àgbàdo tí wọ́n fi omi abẹ́ ilẹ̀ gbìn, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ìpíndọ́gba kì í fi ìyàtọ̀ yẹn hàn.

Kọfí ò pẹ́ rárá: ife kan ń gba nǹkan bíi 7 gíráàmù kọfí yíyan, kílò kan rẹ̀ sì ń gba 18,900 lítà. Ó di 132 lítà fún ife kan, kí ẹ tó da omi gbígbóná sí i.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà jù

Ìwúwo ni. Kílò ìrẹsì tí wọn ò tí ì bó ń gba 1,673 lítà. Kílò kan náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bó o tó funfun ń gba 2,497, torí pé èèpo ti lọ, omi ò sì bá a lọ. Tí ẹ bá wá sè é, 100 gíráàmù gbígbẹ máa ń wú tó 300 gíráàmù. Ẹni tó bá gbé àwo ìrẹsì sísè tó wọn 300 gíráàmù, tó sì fi 2,497 ṣírò rẹ̀, á rí nǹkan bíi 750 lítà. Òótọ́ ibẹ̀ ni 250. Kí ẹ tó ṣírò, ẹ bi ara yín léèrè: nọ́ńbà tí mo mú yìí, ṣé ti gbígbẹ ni àbí ti sísè, ti tútù àbí ti bíbó, pẹ̀lú eegun àbí láìsí eegun?

Èkejì ni àmì ara aṣọ. Ohun tó ń sọ ni ibi tí wọ́n ti rán an. Kò sọ ibi tí òwú rẹ̀ ti hù, òwú lè ti rin ìrìn orílẹ̀-èdè mẹ́ta kó tó di ẹ̀wù. Bí ẹ ò bá mọ oko náà, ẹ lo ìpíndọ́gba gbogbo ayé, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà yín pé ìpíndọ́gba ni. Bó bá sì jẹ́ pọliẹ́sítà ni wọ́n kọ sí i lára, ẹ fi ìṣirò oko yìí sílẹ̀. Inú epo rọ̀bì ló ti wá.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ béèrè ibi tí omi búlúù náà ti wá

Ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà, odò Amu Darya àti Syr Darya ló ń bọ́ Òkun Árálì, tó ti fìgbà kan jẹ́ adágún kẹrin tó tóbi jù láyé. Láti àwọn ọdún 1960, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì darí omi wọn sínú àwọn oko, pàápàá oko òwú. Omi tó ń dé adágún náà dín kù, etí omi sì ń sún lọ títí ọkọ̀ ojú omi fi jókòó sórí iyanrìn. Oko òwú kan ní ibòmíràn, níbi tí odò ti ń kún tí òjò sì ń rọ̀ dáadáa, lè lo 1,200 lítà búlúù bákan náà lórí kílò kan kí ó má sì sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni, àmọ́ ìpalára wọn jìnnà síra.

Nítorí náà, bí ẹ bá mọ agbègbè tí oko wà, ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ Aqueduct ti World Resources Institute, kí ẹ wá agbègbè náà. Ó ń fi àwọ̀ hàn ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fa omi débi tó ti fẹ́ tán. Bí omi búlúù yín bá ti irú ibẹ̀ wá, ẹ fi àmì sí i. Bí ó bá jẹ́ ibi tí omi ti pọ̀, ẹ lè fojú fò ó kí ẹ lọ wo ti eérú.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ pín in fún iye ìgbà tí ẹ wọ̀ ọ́

Oúnjẹ ń tán lẹ́ẹ̀kan, aṣọ kì í tán bẹ́ẹ̀. Tíṣáàtì tó gba 2,520 lítà, tí ẹ wọ̀ nígbà 10 kó tó di àkísà, jẹ́ 252 lítà nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ nígbà 100, ó di 25. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé fífọ̀ rẹ̀ nígbà 100 náà ń gba omi. Ká ní ẹ̀rọ ìfọṣọ yín ń lo 50 lítà fún aṣọ tó wọn kílò 5. Ìpín tíṣáàtì yẹn jẹ́ lítà méjì àti ààbọ̀. Ní ìgbà 100, ó di 250 lítà. Ẹ rántí ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní pẹ̀lú: èyí tó pọ̀ jù nínú omi ìfọṣọ ń padà gba ojú ẹ̀rọ lọ, díẹ̀ ló ń gbẹ lórí okùn. Tí ẹ bá fẹ́ fi í kún ìṣirò yín, ẹ kọ èyí tó gbẹ sí abẹ́ búlúù, kí ẹ sì kọ ti ọṣẹ sí abẹ́ eérú.

Mo ti kọ nọ́ńbà tèmi sórí ìwé pẹlẹbẹ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí aṣọ: ewé 1,310, búlúù 790, eérú 330, ilé iṣẹ́ 90. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń fa ìlà kan nígbàkúùgbà tí mo bá wọ tíṣáàtì yẹn. Ó ti di 43.